Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Iye Oòrùn Lójúmọ́ àti Ìdagẹ̀rẹ̀ Pánẹ́ẹ̀lì Sólà

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń gbé sólà kalẹ̀ ń bi mí léraléra. Mo ti tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Kí ni 5 kWh/m² lójúmọ́ ń sọ gan-an?

Ó ń sọ iye agbára oòrùn tó bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú. kWh ni kílówáàtì-wákàtí, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní yúnìtì. Bí a bá tẹ́ ẹní tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí gbangba láàárọ̀, nígbà tí a bá máa ká a nírọ̀lẹ́, yúnìtì 5 oòrùn ti bọ́ lé e lórí.

Oòrùn ni yúnìtì 5 yẹn o, kì í ṣe iná. Pánẹ́ẹ̀lì òde òní tó dára ń sọ bí ìdá 20 sí 22 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ di iná, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù sì ń di ooru lára rẹ̀.

Àwọn ibùdó ojú ọjọ́ kan kì í lo kWh, mẹ́gájúùlù ni wọ́n ń lò, wọ́n á kọ ọ́ ní MJ. Ẹ fi 3.6 pín in. 18 MJ/m² àti 5 kWh/m², ọ̀kan náà ni.

Wọ́n ní oòrùn ibi tí mo wà jẹ́ wákàtí 5. Ṣé wákàtí 5 péré ni oòrùn fi ń ràn ni?

Rárá. Oòrùn lè ràn fún wákàtí 12. Ṣùgbọ́n oòrùn aago méje àárọ̀ kò lágbára bíi ti ọ̀sán gangan. Lọ́sàn-án tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, mítà onígun mẹ́rin kan máa ń gba bíi 1000 wáàtì. Ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ó lè máà tó 200. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n wá bi ara wọn pé: bó bá jẹ́ 1000 wáàtì ni oòrùn yìí ń tú jáde láìdín láìlé, wákàtí mélòó ni yóò fi tú iye yìí tán? Ìdáhùn rẹ̀ ni wákàtí 5. Nọ́ńbà kan náà ni pẹ̀lú 5 kWh/m², ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́ ló yàtọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi yan 1000 ni pé òun ni iye ìmọ́lẹ̀ tí ilé iṣẹ́ fi ń dán pánẹ́ẹ̀lì wò kí wọ́n tó lẹ iye wáàtì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìṣirò tó ń bọ̀ yìí rọrùn.

Báwo ni mo ṣe máa fi í mọ yúnìtì tí pánẹ́ẹ̀lì mi máa mú wọlé lọ́dún?

Ìlà kan péré ni:

```
E = kWp × H × 365 × PR
```

E ni yúnìtì tí ẹ máa rí lọ́dún. kWp ni àpapọ̀ wáàtì tó wà lẹ́yìn àwọn pánẹ́ẹ̀lì yín, tí ẹ ti fi 1000 pín. H ni kWh/m² lójúmọ́. PR ni ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ooru, ìdọ̀tí, wáyà àti ínfátà bá ti jẹ tiwọn. Ibi tó bá tutù, tí iṣẹ́ ibẹ̀ sì mọ́, PR lè tó 0.85. Níbi tó gbóná, tí bátìrì sì wà níbẹ̀, 0.75 ni mo máa ń lò, nítorí pánẹ́ẹ̀lì tó gbóná dé dígírì 60 lọ́sàn-án ti pàdánù bí ìdá 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú pánẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ 2 kWp níbi tí oòrùn ti jẹ́ 5 lójúmọ́. 2 × 5 × 365 × 0.75 fún wa ní yúnìtì 2737 lọ́dún. Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà yìí, a máa padà sídìí rẹ̀.

Orí ojú wo ni wọ́n ti wọn nọ́ńbà oòrùn tí mo rí?

Inú ìbéèrè yìí ni mo ti rí àṣìṣe tó pọ̀ jù, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Oríṣi ojú méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibùdó ojú ọjọ́ ti ń wọn oòrùn, GHI ni wọ́n sì máa ń kọ sí iwájú rẹ̀. Èkejì ni ojú pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó. POA tàbí GTI ni wọ́n ń kọ sí ìyẹn.

Láti mọ èyí tí ẹ ń wò, ẹ ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀ nínú ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti rí i. Nínú NASA POWER, `ALLSKY_SFC_SW_DWN` jẹ́ ti ojú pẹrẹsẹ. Nínú PVGIS, `Yearly in-plane irradiation` jẹ́ ti ojú pánẹ́ẹ̀lì, àpapọ̀ ọdún kan sì ni, nítorí náà ẹ fi 365 pín in. Nínú PVWatts, ìlà `Solar Radiation` tó wà nínú èsì jẹ́ ti ojú pánẹ́ẹ̀lì, lójúmọ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ènìyàn á mú nọ́ńbà tí a ti ro ìdagẹ̀rẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀, á tún fi èrè ìdagẹ̀rẹ̀ kún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbi tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, ìṣirò rẹ̀ á fi bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ju òtítọ́ lọ. Ẹni tí wọ́n ṣe ìṣirò yẹn fún á máa dúró de yúnìtì tí kò sí níbì kankan.

Báwo ni ìdagẹ̀rẹ̀ ṣe ń yí iye oòrùn padà?

Ẹ ronú nípa iná tọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá tàn án sára ògiri lójúkojú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rí roboto, á sì mọ́lẹ̀ kanrin. Tí ẹ bá gbé e ní ẹ̀gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan náà á tàn ká ibi tó fẹ̀, ibi kọ̀ọ̀kan á sì gba díẹ̀. Kọ́sáìnì ni wọ́n fi ń wọn èyí. Bí oòrùn bá fi dígírì 10 yà kúrò ní ojú pánẹ́ẹ̀lì, ìdá 1.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló máa sọnù. Bó bá yà tó dígírì 20, ìdá 6 lọ. Bó bá tó dígírì 30, ìdá 13 lọ. Ẹ rí i pé ìpàdánù náà kì í bẹ̀rẹ̀ kíákíá, àmọ́ bó bá ti gbéra, ó ń sáré. Gbogbo ohun tó kù tí mo máa sọ, orí èyí ló dúró lé.

Ṣùgbọ́n oòrùn tó ń bọ̀ tààrà nìkan ni òfin yìí mú. Apá kan ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́n ká inú kùrukùru, eruku àti ojú sánmà, á sì máa wá láti ibi gbogbo lójú ọ̀run. Fún ìyẹn, bí pánẹ́ẹ̀lì bá ṣe dagẹ̀rẹ̀ sí i ni apá ojú ọ̀run tó ń rí ṣe ń dín kù. Ní dígírì 10, kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ló pàdánù. Ní dígírì 30, ó ti tó bí ìdá 7. Ilẹ̀ náà máa ń ta ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sójú pánẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n bí ìdagẹ̀rẹ̀ kò bá pọ̀, tí kì í sì í ṣe yìnyín ló bo ilẹ̀, ẹ lè gbójú fò ó.

Ìdagẹ̀rẹ̀ mélòó ni kí n lò?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye dígírì tí ibi tí ẹ wà fi jìnnà sí agbedeméjì ayé, ìyẹn ìlà ìbú yín. Ẹ kọ ojú pánẹ́ẹ̀lì sí agbedeméjì ayé: gúúsù fún ẹni tó wà ní àríwá ayé, àríwá fún ẹni tó wà ní gúúsù ayé. Ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí kò ti ń bá a mu ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò kan fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ibi náà wà ní dígírì 10 ní àríwá, pẹ̀lú 2 kWp wa àti oòrùn 5 kWh/m² lójúmọ́ lórí ojú pẹrẹsẹ. Oòrùn máa ń lọ sókè sódò láàárín ọdún: ní nǹkan bí 21 oṣù kẹfà, ó wà ní dígírì 23.45 ní àríwá. Ní nǹkan bí 21 oṣù kejìlá, ó wà ní iye kan náà ní gúúsù. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, ó wà lórí agbedeméjì ayé. A óò wo ọ̀sán ọjọ́ mẹ́rin yìí, a óò sì pín wọn dọ́gba.

Bí pánẹ́ẹ̀lì bá tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn oṣù kejìlá yà kúrò lójú rẹ̀ ní dígírì 33.45, kọ́sáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.834. Ti oṣù kẹta àti ìkẹsàn-án jẹ́ 0.985, ti oṣù kẹfà jẹ́ 0.973. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 0.944.

Ẹ gbé e sí dígírì 10 kó kọjú sí gúúsù. Oṣù kejìlá gòkè sí 0.917, oṣù kẹta àti ìkẹsàn-án di 1 gééré, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà wálẹ̀ sí 0.917, nítorí oòrùn ti kọjá sí ẹ̀yìn wa ní àríwá nígbà yẹn. Ìpíndọ́gba jẹ́ 0.959. Èrè rẹ̀ jẹ́ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí oòrùn tààrà. Nígbà tí a bá ro ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká mọ́ ọn, ó súnmọ́ ìdá 1. Ní yúnìtì, 2737 di bíi 2765 lọ́dún. Yúnìtì 28 ni gbogbo èrè yẹn.

Ní dígírì 30 ńkọ́? Oṣù kejìlá dùn, ó di 0.998. Oṣù kẹta àti ìkẹsàn-án di 0.940, oṣù kẹfà sì já lulẹ̀ sí 0.726. Ìpíndọ́gba jẹ́ 0.901, ó burú ju pẹrẹsẹ lọ. Bí oòrùn ojú pánẹ́ẹ̀lì bá bọ́ sí 4.75, yúnìtì ọdún á jẹ́ bíi 2600. Ẹni tó gbé e ga nítorí pé ó rò pé gíga ló ń mú oòrùn wá ti fi bíi yúnìtì 165 lọ́dún ṣòfò.

Kí ló dé tí àwọn tó wà níbi tó jìnnà fi ń lo dígírì 35, tí wọ́n sì ń pariwo rẹ̀?

Nítorí pé fún wọn, òótọ́ ni. Ní dígírì 50 ní àríwá, oòrùn ọ̀sán oṣù kejìlá kò ga ju dígírì 16.55 lọ. Kọ́sáìnì ojú pẹrẹsẹ jẹ́ 0.285, ti dígírì 35 jẹ́ 0.783. Ìyẹn lé ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Lọ́dún, ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn lè fi bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìkórè níbẹ̀. Ìmọ̀ràn wọn kò burú, ilẹ̀ wọn ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé 35 yẹn wá sí ìlà ìbú 10, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí dígírì 30 lókè yẹn ló máa ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ṣé ìlà ìbú ni ìdagẹ̀rẹ̀ tó dára jù níbi gbogbo lóòótọ́?

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ìṣirò òkè yìí gbà pé ojú ọ̀run mọ́ bákan náà láti oṣù dé oṣù, kò sì sí ibi tó rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlà ìbú 50, ìgbà òtútù ni kùrukùru ń pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ìkórè ọdún wá láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn ga, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo bíi 35 sí 38 dípò 50.

Ní ìlà ìbú 10, ó lè yí padà. Bí òjò bá ń rọ̀ nígbà tí oòrùn wà ní àríwá, tí ojú ọ̀run sì mọ́ nígbà tí oòrùn wà ní gúúsù, oṣù tó ní oòrùn jù ni àwọn tó fẹ́ kí a dagẹ̀rẹ̀ sí gúúsù. Níbẹ̀, dígírì 12 sí 15 lè borí 10 díẹ̀. Ẹ wo iye oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ má wo ti ọdún nìkan.

Òrùlé mi fi dígírì 5 tàbí 6 yàtọ̀ sí ohun tí ìṣirò sọ. Ṣé kí n ṣe irin tuntun?

Ẹ má ṣe é. Ìdagẹ̀rẹ̀ tó dára jù dà bí orí òkè tó tẹ́, kì í ṣe orí góńgó. Dígírì 10 tó yẹ̀ kò gba ju bí ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Eruku ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó irin yẹn, ẹ fi ra pánẹ́ẹ̀lì kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ó jẹ́ gan-an, ẹ wọn pánẹ́ẹ̀lì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ sì wọn bí òkè ṣe ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Pánẹ́ẹ̀lì onímítà 2 tí òkè rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 35 ga ju ìsàlẹ̀ lọ wà ní dígírì 10. Bó bá fi mítà kan ga, dígírì 30 ni.

Tí èrè dígírì 10 bá kéré báyìí, ṣé kí n kúkú tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ?

Rárá, àmọ́ kì í ṣe oòrùn ni ìdí rẹ̀. Omi kì í ṣàn kúrò lórí pánẹ́ẹ̀lì tó tẹ́. Á dúró sétí férémù nísàlẹ̀, á gbẹ, ẹrẹ̀ á sì kù síbẹ̀ bí ìlà dúdú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn máa ń bo ìlà sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì so kọ́ra, ìpàdánù rẹ̀ máa ń ju bí ìlà náà ṣe fẹ̀ lọ. Dígírì 10 ni mo máa ń fi ṣe ìsàlẹ̀ jù lọ, kódà lórí agbedeméjì ayé gan-an.

Kọ̀ǹpútà ń béèrè `azimuth`. Kí ni kí n kọ?

Ibi tí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí ló ń béèrè. Ohun tí ẹ máa kọ dá lórí ẹ̀rọ ìṣirò tí ẹ ń lò. Nínú PVGIS, 0 ni gúúsù, -90 ni ìlà oòrùn, 90 ni ìwọ̀ oòrùn. Nínú PVWatts, 180 ni gúúsù, 0 ni àríwá. Ẹni tó bá kọ 180 sínú PVGIS ti dojú pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ àríwá.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí ìdagẹ̀rẹ̀ kò bá pọ̀, àṣìṣe náà kì í hàn. Ní ìlà ìbú 10 pẹ̀lú dígírì 10, kíkọjú sí àríwá gba bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nọ́ńbà tó ṣì jọ òótọ́. Ẹ wo àwọn oṣù: bí oṣù kẹfà bá borí oṣù kejìlá lọ́nà tí kò bá ojú ọjọ́ yín mu, ẹ padà lọ wo ohun tí ẹ kọ.

Ṣé ó yẹ kí n máa yí ìdagẹ̀rẹ̀ padà bí ọdún ṣe ń yí?

Ní ìlà ìbú 10, ẹ padà wo 0.959 yẹn. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá tilẹ̀ kọjú sí oòrùn gééré ní gbogbo ọ̀sán ọdún, 1 ni ó máa jẹ́. Èrè tó ga jù tí ẹ lè rí láti inú yíyí i padà kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà méjì lọ́dún kò sì ní mú gbogbo rẹ̀. Fún pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ tí ọwọ́ tó, ẹ lè ṣe é. Fún ti orí òrùlé, ewu gígun àkàbà àti skúrúù tó ń tú ju èrè yẹn lọ.

Bátìrì ni mò ń lò, mi ò sì ní iná míràn. Ṣé ìdagẹ̀rẹ̀ tó dára jù lọ́dún náà ló dára jù fún mi?

Kò dájú, nítorí oṣù tó burú jù ló máa pa yín lára, kì í ṣe ìpíndọ́gba. Ní ìlà ìbú 50, oṣù kejìlá ló burú jù, oòrùn kì í sì í ga nígbà náà, nítorí náà wọ́n ń gbé pánẹ́ẹ̀lì sí bíi dígírì 60, wọ́n á fi díẹ̀ nínú ìkórè ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gba ti ìgbà òtútù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítòsí agbedeméjì ayé pẹ̀lú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ní ìlà ìbú 10 yẹn, oṣù kẹjọ ló ṣú jù, pẹ̀lú 4 kWh/m² lójúmọ́. Ní àárín oṣù yẹn, oòrùn wà ní bíi dígírì 13 ní àríwá, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí gan-an. Kùrukùru ló fa àìtó, oòrùn kò wálẹ̀ rárá. Bí ẹ bá gbé pánẹ́ẹ̀lì ga sí gúúsù, ẹ yí i kúrò lójú oòrùn, ẹ sì dín ojú ọ̀run tó ń rí kù lákòókò tí ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká pọ̀ jù. Ẹ fi í sí dígírì 10, kí ẹ sì fi 4 ṣe ìṣirò dípò 5. 2 kWp á fún yín ní yúnìtì 6 lójúmọ́ ní oṣù náà (2 × 4 × 0.75), kì í ṣe 7.5. Pánẹ́ẹ̀lì kún un ni ojútùú rẹ̀.

Ìkórè mi kéré sí ohun tí ìṣirò sọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìdagẹ̀rẹ̀ ló fà á?

Ẹ kọ yúnìtì oṣù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ fi ohun tí ìṣirò sọ fún oṣù náà pín in, kí ẹ wá wo bí ìdá náà ṣe ń lọ. Bí ó bá kéré ní oṣù kejìlá, tó sì pọ̀ jù ní oṣù kẹfà, tó tún ń padà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìdagẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó kọjú sí ni. (Fún ìlà ìbú gúúsù, ẹ yí oṣù méjèèjì padà.) Bí ó bá kéré bákan náà ní gbogbo oṣù, ẹ wo wáyà, ínfátà, tàbí iye kWp tí ẹ kọ. Bí ó bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tó sì fò sókè lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ìdọ̀tí ni.

Òjìji ló máa ń ṣe bí ìdagẹ̀rẹ̀, nítorí òun náà ń tẹ̀lé ọ̀nà tí oòrùn ń gbà. Ẹ fi wákàtí yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ tí kò tọ́ máa ń jẹ́ kí gbogbo ọjọ́ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tó ń fi iná wákàtí kọ̀ọ̀kan hàn á ṣì gùn, á sì sọ̀ geere bí òkè kékeré. Òjìji máa ń gé ibì kan nínú ìlà náà, ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, á sì máa sún síwájú tàbí sẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó gé bẹ́ẹ̀, ẹ jáde síta ní wákàtí yẹn gan-an, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ wo ohun tó wà láàárín òun àti oòrùn.